Àkàrà Igba Náírà

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló há mi láyà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Mo mọ̀." Ìyá alákàrà kan ló fi dá mi lóhùn ní etí títì ní Kábà, níwájú àwọn ọmọ iléèwé méje tí mo kó lẹ́yìn. Kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì fi ṣe fáàrí. Ó ń yí àkàrà nínú epo lọ́wọ́ ni, ó sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò ń ṣú. Èmi ni mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Mo ń máàkì ìwé, mò ń gbọ́ ọ. Mo dé ìdí ìwàásù ní ọjọ́ Àìkú, mò ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Gbogbo tíṣà tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló mọ ìṣòro rẹ̀: àwọn ọmọ á há àlàyé lórí bí ọjà ṣe ń wọ́n àti bí ó ṣe ń pọ̀, wọ́n á ya ìlà méjì tó kọjá ara wọn, wọ́n á gba máàkì wọn, síbẹ̀ wọn ò ní lè sọ ìdí tí alágbàdo iwájú ilé wọn fi ń ta iye tó ń tà. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán wọn síta lọ́dún tí ẹ̀wà fò sókè yẹn. Iṣẹ́ náà rọrùn lójú mi. Ẹ wá oníṣòwò etí títì kan, ẹ bi í ní iye ọjà rẹ̀ ní oṣù kìíní, ẹ padà lọ bi í ní oṣù kẹfà, ẹ ya ìlà, ẹ ṣàlàyé.

Ìlà tó sùn gbalaja

Nígbà tí wọ́n kó ìwé dé, ìlà gbogbo wọn ló ń gòkè. Àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà kọ ọ́ pé ₦300 di ₦500. Àwọn tó lọ sí ìdí àgbàdo sísun náà rí i pé owó gorí owó. Àwọn alákàrà nìkan ni ìlà tiwọn sùn gbalaja. ₦50 ni àkàrà kan ní oṣù kìíní, ₦50 ni ní oṣù kẹfà. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀, pẹ̀lú ìgboyà ọmọ tó ti ṣiṣẹ́ parí: "Iye àkàrà kò yí padà."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wọn ní máàkì pípé. Kí n sọ òtítọ́, mo ti ní àlàyé tí mo fẹ́ fi tì wọ́n lẹ́yìn: alákàrà pọ̀ ní ìkóríta yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ fowó lé e ni oníbàárà yóò fi sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi lé e. Àlàyé tó dùn ún gbọ́. Ó wà nínú ìwé. Mo ti gbé bíírò lé bébà nígbà tí ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́. Ìyá ọmọ yìí ń din àkàrà ní Ìyàrá.

"Sà, kò sẹ́ni tó ń béèrè àkàrà kan. 'Ẹ fún mi ní ti igba náírà' ni wọ́n ń sọ. Ẹ má bi wọ́n pé èló ni ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ló ń jáde nínú mudu kan."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Àkàrà ti tú sépo.

Nítorí òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, òtítọ́ tó sì ti wà lẹ́nu tèmi láti kékeré láìmọ̀. N kò rántí ọjọ́ tí mo sọ fún alákàrà pé kó fún mi ní àkàrà mẹ́rin. Ti àádọ́ta náírà ni mò ń rà nígbà tí mo wà ní ọmọ iléèwé, ti igba náírà ni mò ń rà báyìí. Iye owó ni olùrà ń mú dání wá. Iye àkàrà ni ẹni tó ń tà yóò pinnu. Ìwé tí a fi ń kọ́ni gbà pé oníṣòwò á dá iye lé ọjà, olùrà á wá mú iye tó wù ú nínú ọjà náà. Ní ìdí àkàrà, ó yí padà: olùrà ló ń dá owó, oníṣòwò ló ń dá ìwọ̀n. Ẹni tó bá béèrè "èló ni?" nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, nǹkan tí kì í yí ló ń wọ̀n.

Ṣíbí méjì

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a dé ìdí ìyá alákàrà ti Kábà náà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. A kí i ní "Ọ̀kún o," ó ní "Ọ̀kún, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì bojú wò mí bóyá ìjọba ló rán mi wá gba owó orí. Ọ̀kan nínú ohun tó máa ń ba irú ìwádìí yìí jẹ́ nìyẹn. Bí o bá bi oníṣòwò ní èrè tó ń jẹ, á ní òun ò jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní mudu tó ń din àti iye tó ra ẹ̀wà, á sọ fún ọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tó ń ráhùn lé lórí látàárọ̀ nìyẹn. Èrè, ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ ṣe é nílé.

A gbé òṣùwọ̀n láàbù dání, èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì yá wa pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí epo kàn án. Mo ní kí ìyá náà jẹ́ kí a wọn àkàrà òní, kó wá júwe fún wa bí ti oṣù kìíní ṣe tóbi tó. Mo ti múra láti gba ìjúwe ọwọ́. Dípò ìyẹn, ó na ọwọ́ sínú agbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ó mú ṣíbí kan jáde, ṣíbí ńlá onírin tí imú rẹ̀ ti yìnrìn, ó ní: "Èyí ni mò ń lò nígbà náà." Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn jẹ́ ṣíbí tí ọmọdé fi ń jẹ ìrẹsì.

A bu ẹ̀wà lílọ̀ náà ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀márùn-ún lẹ́ẹ̀márùn-ún, nítorí ọwọ́ èèyàn kì í bù lọ́gbọọgba. Ṣíbí àtijọ́ ń bu nǹkan bíi gíráàmù 34. Ṣíbí tuntun ń bu 26. Tútù ni a wọ̀n ọ́n o, a ò wọn èyí tó ti jiná. Àwọn ọmọ kan ti fẹ́ wọn àkàrà gbígbóná, mo ní rárá: bó ṣe ń dín ni omi ń jáde lára rẹ̀, tí epo ń wọlé, bí epo kò bá sì gbóná tó lọ́jọ́ kan, á mu epo jù, á wúwo lórí òṣùwọ̀n bí ẹni pé ìyá náà ṣe é ní ọ̀làwọ́.

Mudu kan ẹ̀wà, bí ó bá ti rẹ, tí wọ́n bó o, tí wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, ń fún un ní ìwọ̀n tó lé díẹ̀ ní kílò mẹ́ta. Pẹ̀lú ṣíbí àtijọ́, àkàrà 95 ló ń jáde níbẹ̀. Nínú 95 yìí, ó ń fi 5 ṣe èènì, ó ń ta 90. Pẹ̀lú ṣíbí tuntun, 125 ló ń jáde, ó sì ń ta gbogbo rẹ̀, nítorí kò ṣe èènì mọ́. Tí ẹ bá wo 90 àti 125 yẹn, owó tí olùrà ń san lórí ìwọ̀n ẹ̀wà kan náà ti fi nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè. Ìlà tó sùn gbalaja ti dìde dúró.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ mudu. Ọmọkùnrin kan nínú wọn béèrè bóyá àwọn tó ń ta ẹ̀wà fún ìyá náà kì í lo ọgbọ́n kan náà. Ìyá náà ní, "Ta ló kọ́ mi?" Ìdí mudu ẹlòmíràn ti wọ inú, ẹlòmíràn á rọ ọ́ kún gegele, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ nù ún pẹrẹsẹ. Láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ òkè ọya títí dé orí bébà tí ọmọ iléèwé fi ń gba àkàrà, ìwọ̀n ló ń gbé owó kiri, kì í ṣe orúkọ owó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí yìí, kó máa ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kó sì wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mudu oṣù kìíní àti mudu oṣù kẹfà lè máà jẹ́ ọmọ ìyá.

Ìdí tí kò fi di ₦60

Ọmọ tó gbọ́n jù nínú wọn, tàbí tó pariwo jù, ní kí ló dé tí ìyá náà ò kúkú sọ àkàrà kan di ₦60 tàbí ₦70, kó fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá náà ní kó wá jókòó síbi tí òun wà, kó máa wá ṣéńjì.

Ìdáhùn náà pé. Owó tó wà lọ́wọ́ aráyé ló ń dá iye lé ọjà kékeré. Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kó kọ́ìnsì 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2 jáde; ẹ bi àwọn ọmọ iléèwé mi bóyá wọ́n ti rí ọ̀kan rí. Nígbà tí owó bébà kéékèèké náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n, àtẹ̀gùn tí iye ọjà lè gùn di gíga: láti ₦50, ìgbésẹ̀ tó kàn gan-an ni ₦100. Iye tó bá bọ́ sí àárín méjèèjì á dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó mú ₦200 wá, bí àkàrà bá jẹ́ ₦60, á gba mẹ́ta, á ku ₦20, ₦20 náà kò sí, ìjà á bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ṣíbí kò ní àtẹ̀gùn. O lè dín in ní gíráàmù méjì lónìí, kí o dín ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ jà, nítorí kò sẹ́ni tó gbé àkàrà àná dání wá fi díwọ̀n.

Alákàrà tó wà ní òdìkejì títì yan ọ̀nà kejì. Ó sọ tirẹ̀ di ₦100, ó sì jẹ́ kó tóbi. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Lọ́kọ́jà àti Òkéènè fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tí ìyá rẹ̀ fún ní ₦100 kò lè mú àkàrà kan ṣoṣo jẹ búrẹ́dì, ó fẹ́ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ méjì tín-ín-rín. Báyìí ni títì kan ṣoṣo ṣe pín àwọn oníbàárà sí méjì. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ju èyí tí mo ti kọ́ ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì.

Ìṣirò

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ṣe bí ọ̀gá. Gbogbo ìnáwó ìyá náà ló wà lórí rẹ̀, kò kọ ìkankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bi í ló ń dáhùn. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́. Mudu kan ni a gbé kalẹ̀ láti ṣírò.

Ní oṣù kìíní, ẹ̀wà jẹ́ ₦1,800, òróró ìdajì ìgò jẹ́ ₦600, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ jẹ́ ₦400, lílọ̀ jẹ́ ₦200, igi jẹ́ ₦250, bébà àti náílọ̀n jẹ́ ₦100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,350. Àkàrà 90 ní ₦50 jẹ́ ₦4,500. Ó ṣẹ́ ku ₦1,150 lórí mudu kan.

Ní oṣù kẹfà, ẹ̀wà ti di ₦3,200, ata àti àlùbọ́sà ₦500, lílọ̀ ₦300, nítorí ẹ mọ ohun tí ojú wa rí lórí epo bẹntiróòlù, igi ₦300, náílọ̀n ṣì jẹ́ ₦100. Òróró ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ìgò kan ti kúrò ní ₦1,200, ó ti di ₦1,800. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ìgò ló ṣì ń lò, ₦900 ni ìbá jẹ́. Ìyá náà ní ₦1,200 ni. Àwọn ọmọ ní ó ṣìṣe ìṣirò. Ó ní òun ò ṣìṣe o, àkàrà kékeré ń mu epo ju àkàrà ńlá lọ, ìgò kan kì í ṣe mudu méjì mọ́, mudu kan àti ààbọ̀ ló ń ṣe.

Mo dúró. Nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ara àkàrà ló ń fẹnu kan epo, inú rẹ̀ kò kàn án. Bí a bá pín ìwọ̀n kan náà sí wẹ́wẹ́, ara tó ń kan epo á pọ̀ sí i, bí iṣu tí a gé sí dùǹdú tín-ín-rín ṣe ń mu epo ju èyí tí a gé nípọn lọ. Ṣíbí kékeré ń gba owó padà lọ́wọ́ olùrà, ṣùgbọ́n ó ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún olóróró. Ibi tí ọgbọ́n náà mọ nìyẹn. Bí ó bá tún dín in kù, epo á jẹ ohun tó kù, àkàrà á sì gbẹ bíi gúgúrú.

Àpapọ̀ ìnáwó oṣù kẹfà wá jẹ́ ₦5,600. Àkàrà 125 ní ₦50 jẹ́ ₦6,250. Ó ṣẹ́ ku ₦650. Bí ó bá dì mọ́ ṣíbí àtijọ́ àti èènì rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìdajì ìgò òróró, ₦5,300 ni yóò ná, ₦4,500 ni yóò pa, ₦800 ni yóò sì máa jẹ ní gbèsè lórí mudu kọ̀ọ̀kan. Kò ní ọ̀nà míì.

"Ìyá, mudu mélòó lẹ̀ ń din lójúmọ́?"

"Mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ni báyìí. Ṣùgbọ́n owó tí mò ń kó lọ sílé kò dín o. Bí ẹgbàá mẹ́sàn-án ni tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì wà, ó tiẹ̀ ń lé díẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tó ń gbà lọ."

Mudu mẹ́rin ní ₦4,500 jẹ́ ₦18,000. Mudu mẹ́ta ní ₦6,250 jẹ́ ₦18,750. Owó tó ń wọlé kò yẹ̀. Ó yẹ kí n fi èyí hàn nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan, nítorí ohun tí ìwé ń pè ní ìbéèrè tó ń rọ̀ lọ́gbọọgba pẹ̀lú iye nìyí, tí a máa ń fi ààmì àti ìpín há àwọn ọmọ lọ́pọlọ. Bí olùrà bá ti pinnu pé igba náírà ni òun yóò ná, bí àkàrà ṣe wù kó kéré, igba náírà náà ni yóò wọlé. Owó ọjà á dúró lójú kan. Àkàrà tí wọ́n ń jẹ ló ń dín. Ẹ̀wà mẹ́rin di mẹ́ta lójúmọ́, láìjẹ́ pé oníbàárà kan ṣoṣo lọ.

"Mo mọ̀"

Ọmọ kan wà tó ń bá ìyá náà ta. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni, ó ti jáde ìwé, ó ń tọ́jú owó ìdánwò Wáẹ̀kì tó fẹ́ tún ṣe. ₦1,000 ni ìyá náà ń fún un lójúmọ́, ìbáà jẹ́ mudu mẹ́rin, ìbáà jẹ́ mẹ́ta. Irú owó yìí kì í bá ọjà rìn, ìjókòó ló ń jókòó.

Ọmọbìnrin ìjókòó ẹ̀yìn ló ń ṣe ìyọkúrò. Ní oṣù kìíní: ₦1,150 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦4,600, yọ ₦1,000, ó ku ₦3,600. Ní oṣù kẹfà: ₦650 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ₦1,950, yọ ₦1,000. Ó dákẹ́. Ó tún un ṣe. Ó gbé ojú sókè wò mí, mo mi orí fún un pé kó má sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ni.

"Ìyá, ₦950 ló kù fún yín. Ọmọ yín ń gbà jù yín lọ."

Ara mi gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlàyé bí tíṣà: pé ìṣirò kíláàsì ni, pé a lè ti ṣìṣe, pé ó yẹ kí ìyá máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó máa yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí tó sì ń bó ẹ̀wà ní alẹ́ ti ṣiṣẹ́ tó tó... Ó yí àkàrà tó wà nínú epo, ó ní:

"Mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ìyá?"

"Tíṣà, èmi ni mò ń ka owó lálẹ́. Ta ni yóò mọ̀ bí kò ṣe èmi?"

Ó wá sọ tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe ń ta fún àwọn ọlọ́kadà láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá dá iṣẹ́ dúró lọ́la, ẹ̀wà tuntun á dé lọ́jọ́ kan, á sì bá ẹlòmíràn ní ìkóríta náà. Ó ní mudu kọ̀ọ̀kan ṣì ń mú nǹkan sílẹ̀, bó ti wù kó kéré. Ọjọ́ tí mudu bá ń jẹ owó dípò kó mú owó wá, òun ò ní tan iná. Ní ti ọmọ náà, ó ní òun lè din mudu mẹ́ta ní òun nìkan, ṣùgbọ́n bí òun bá lé e nísinsìnyí, tí mudu bá padà di mẹ́rin, ọmọ náà á ti lọ kọ́ iṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Ohun tó há mi láyà nìyẹn. Kì í ṣe pé ó mọ̀ nìkan. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà tó sọ ìgbà tó yẹ kí oníṣòwò ti ìlẹ̀kùn: bí owó ọjà kò bá tó ìnáwó tó ń bá ọjà rìn, kó tì í, bí ó bá lé, kó máa bá a lọ bí ìnáwó tó jókòó tilẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́, kó sì máa retí ọjọ́ tó dára. Obìnrin tí mo lọ kọ́ ní ìṣirò sọ ìlànà yẹn fún mi láìmú ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé wa. Ohun tí ìwé kò ní, ó tún fi lé e: iye tó wà nínú ìjókòó tí èèyàn bá pàdánù, àti iye tó máa ná an láti tún wá ọmọ tó mọ iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò fẹ́ yìn ín jù. Ohun kan wà tó ní òun ò mọ̀, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀: ibi tí owó náà ń gbà lọ. Ojú owó ọjà ló ń wò, èyí tí kò yí padà, ó sì rò pé ilé ló ń jẹ ẹ́, pé àwọn ọmọ ló ń ná an. Ìgbà tí a fi òróró hàn án nínú ìṣirò, pé láti ₦600 ó ti di ìlọ́po méjì, ló di ìgbákọ mú, tí kò yí àkàrà fún ìgbà díẹ̀. Ó mọ̀ pé epo wọ́n. Ó mọ̀ pé àkàrà kékeré ń mu epo. Kò tíì kó méjèèjì pọ̀ di owó kan rí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí epo hó dáadáa kó tó da ti àkọ́kọ́ sí i, kò sì kún agbada jù mọ́, nítorí àkàrà tútù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń pa ooru epo, epo tó tutù ló sì ń wọ àkàrà lára.

Èènì

Nígbà tí ẹ̀wà tuntun dé, tí mudu sọ̀kalẹ̀ sí ₦2,400, mo rán àwọn ọmọ náà padà láti lọ wo ṣíbí. Mo ti rò ó nínú ara mi pé iye tó bá gòkè kì í tètè sọ̀kalẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n dé, wọ́n ní ṣíbí ọmọdé náà ṣì ni.

Mo ní, "Ẹ rí i?"

Ọmọbìnrin ìjókòó ẹ̀yìn ní ó kù o. Ó ní òun ra ti igba náírà, mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́, ìyá náà ka mẹ́rin, ó wá ju ẹyọ kan lé e, ó ní, "Èènì rẹ nìyẹn." Ọmọ náà bi í léèrè pé kí ló dé tí kò kúkú mú ṣíbí ńlá jáde. Ìyá náà ní bí òun bá mú ṣíbí ńlá jáde, tí ẹ̀wà bá tún wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní òun dín àkàrà kù. Bí òun bá yọ èènì, wọ́n á kàn ní inú òun ò dùn láàárọ̀ yẹn ni.

Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ti kọ ọ́. Níbi tí àwọn yòókù ya ìlà sí, òun kọ ọjọ́, ó kọ iye mudu, ó kọ gíráàmù ṣíbí, ó wá fa àlà kan sí ẹ̀gbẹ́, ó kọ "èènì" sí orí rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ó kọ 5 sí abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú "nínú mudu kan" tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹfà, ó kọ òdo. Ti ọjọ́ yẹn, ó fi àyè sílẹ̀. Ó ní òun ò tíì mọ iye rẹ̀ lórí mudu, òun máa lọ kà á ní Sátidé.